Apá kílíìpù tó ń kán ní ìdí: ṣé kó nípọn sí i ni?

Ọmọ Obòkun, Iléṣà

Mo ń fi pírńtà 3D ṣe àpótí kékeré tí bátìrì iná ń wọ̀, fún àwọn tó ń tajà lálẹ́. Bátìrì 18650 méjì ló ń gbà. Ìdérí rẹ̀ ní apá méjì tó dojú kọ ilẹ̀, ìkọ́ wà lórí apá kọ̀ọ̀kan, èèyàn á tẹ ìdérí mọ́lẹ̀, á sì kọ́ sínú ihò. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí i láti yọ bátìrì lọ sáàjì. Kì í tó ogún ìgbà tí apá kan á fi kán ní ìdí. Ike PLA ni mo ń lò. Apá náà gùn ní mìlímítà 10, ó nípọn ní 2.5, ìkọ́ rẹ̀ yọ síta ní 1.5. Ṣé kí n jẹ́ kó nípọn sí i ni, àbí kí n pààrọ̀ ike?

---

Mayfair

Ohun tó bá ń kán, ẹ jẹ́ kó nípọn. Ẹ gbé e sí 3.5, ẹ jẹ́ kí inú rẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú, kó má ní ihò kankan nínú. Mo ṣe ìkọ́ aṣọ ojú fèrèsé bẹ́ẹ̀ sílé mi, ó ti lé lọ́dún kan, kò mira.

---

Lágere

Mi ò fara mọ́ ọn o. Ìkọ́ aṣọ fèrèsé, ẹrù ni a fi kọ́ ọ, bó bá ṣe nípọn tó ló ṣe máa dúró tó. Apá kílíìpù, ìrìn ni a rán an. Kí ìkọ́ tó lè wọlé, apá gbọ́dọ̀ yẹ̀ sẹ́yìn ní 1.5, bó nípọn o, bó tín-ín-rín o. Ẹ fa ẹyọ ọwọ̀ kan yọ lára ìgbálẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́: ó tẹ̀, ó sì padà. Ẹ wá mú ẹ̀ka igi gbígbẹ tó nípọn bí àtàǹpàkò, kí ẹ fipá tẹ̀ ẹ́ dé ibi tí ọwọ̀ yẹn dé. Ó máa kán. Ara ìta rẹ̀ jìnnà sí àárín rẹ̀, ibẹ̀ ló ní láti nà jù.

Ìṣirò tí mo fi ń wo bí ìdí apá ṣe ń nà tó nìyí:

```
ε = 3 · t · y / (2 · L²)
```

ε ni ìnà ìdí apá, t ni bí apá ṣe nípọn tó ní ìdí, y ni ibi tó máa yẹ̀ dé, L ni gígùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi tiyín sí i. 3 × 2.5 × 1.5 jẹ́ 11.25. Ẹ pín in sí 200, ó di 0.056. Ìyẹn ni pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti ìdérí yẹn, ara ìdí apá ń nà ní ìdá 5.6 nínú ọgọ́rùn-ún. PLA ti máa ń bàjẹ́ tó bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 2. Tí ẹ bá wá gbé e sí 3.5 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ lókè yìí, ó di 7.9, ẹ ti mú ikú rẹ̀ yá nìyẹn.

Ohun tó tiẹ̀ yẹ kó yà yín lẹ́nu ni pé ó tó ìgbà mélòó kan kó tó kán. Mo rò pé ìdérí yín àti ògiri àpótí ló ń tẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú apá, wọ́n ń bá a gbé nínú ìyà náà.

Ẹ wo L tó wà nísàlẹ̀ yẹn dáadáa. Òun nìkan ni a fi ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Tí apá bá gùn ní ìlọ́po méjì, ìnà ìdí rẹ̀ á já sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ ṣe é ní 20 ní gígùn, kó nípọn ní 1.8, ìkọ́ sì wà ní 1.5 rẹ̀: 8.1 tí a pín sí 800, ó jẹ́ ìdá 1 péré. Fún ohun tí wọ́n ń ṣí lójoojúmọ́, ìdá 1 ni mi ò kì í kọjá pẹ̀lú PLA, pẹ̀lú ike PETG mo lè dé ìdá 2.

---

Ọmọ Obòkun, Iléṣà

Ẹ ṣeun, ó yé mi. Ṣùgbọ́n 20 ò ní gbà. Bátìrì 18 ni ìbú rẹ̀, inú àpótí ò jìn ju 20 lọ, bátìrì sì ti gba gbogbo ibẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fi mọ sí 10.

---

Ìyá Oníbáàgì, Sábó

Ẹ dákun, mi ò mọ̀ nípa ẹ̀rọ pírńtà yín. Báàgì ilé-ìwé ni mo ń rán. Bọ́kù oníke tó ń so okùn báàgì, èyí tí èèyàn ń fi ìka méjì tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó yọ, ó ti wọ́n lọ́jà. Ṣé ẹ̀rọ yín lè bá mi ṣe é? Àwọn ọmọ ń ṣí i, wọ́n ń tì í látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kì í sì í kán bọ̀rọ̀. Ohun tí mo kíyè sí ni pé apá rẹ̀ gùn, ó sì ń tín-ín-rín lọ síbi orí.

---

Káfíńtà Ìlórò

Ọ̀rọ̀ gígùn yẹn dáa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì béèrè ibi tí ìlà rẹ̀ dojú kọ. Mo ti mú ohun tí pírńtà ṣe lọ́wọ́ rí: ìpele lórí ìpele ni, bí ìlà inú pákó. Kò sí káfíńtà tó máa gé ẹsẹ̀ àga kí ìlà pákó dábùú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí èèyàn bá jókòó sí i ló máa ya. Ọ̀gbẹ́ni, apá yín yẹn, ó dúró lórí pẹpẹ ẹ̀rọ ni àbí ó dùbúlẹ̀?

---

Ọmọ Obòkun, Iléṣà

Ó dúró ni. Mo dojú ìdérí dé pẹpẹ, apá méjèèjì sì nà sókè. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo èyí tó kán. Ojú ibi tó kán tẹ́jú pẹrẹsẹ, ó ń dán, bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e.

---

Lágere

Bàbá Káfíńtà ti fọwọ́ kan egbò yẹn. Tí ike bá kán nítorí pé ó nà jù, ojú ibẹ̀ máa ń rí jákujàku, àyíká rẹ̀ á sì funfun. Èyí tó tẹ́jú tó ń dán, ìpele méjì ló jáwọ́ lára ara wọn. Apá tó bá dúró, ìpele ló fi dábùú, gbogbo ìgbà tó bá tẹ̀ ló ń gbìyànjú láti ṣí wọn bí ojú ìwé. Nítorí náà ìyà méjì ló wà lórí tiyín: ìnà ti pọ̀ jù, ìlà sì dábùú.

Ohun kan tún wà tí àwa tó ń gbé níbí mọ̀. Tí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tó sì dé lẹ́yìn wákàtí kan tí ẹ ní kó máa bá iṣẹ́ lọ, orí ìpele tó ti tutù ni ìpele tuntun máa bà lé. Kò ní lẹ̀ dáadáa. Lára ògiri àpótí ó lè má ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n lára apá tó dúró, ibẹ̀ ló máa kán sí. Mo ti ju gbogbo ohun tó wà lórí pẹpẹ nù nítorí èyí, kílíìpù mẹ́rìnlá, gbogbo wọn kán lójú ìlà kan náà.

Ìyá Oníbáàgì, ẹ ò mọ̀ pé ẹ ti dáhùn ìbéèrè wọn fún wa. Ọmọ Obòkun, ẹ má fi ìdérí tẹ àpótí láti òkè mọ́. Ẹ jẹ́ kó máa yọ̀ wọlé láti ẹ̀gbẹ́ bí ìdérí ẹ̀yìn rìmóòtù. Kí apá méjèèjì na iwájú bíi ti bọ́kù báàgì, kí wọ́n wà nínú ìdérí fúnra rẹ̀, kí ìkọ́ wọn dojú kọ ọ̀tún àti òsì, kó wọ inú ihò lára ògiri. Bátìrì 65 ni gígùn rẹ̀, àyè 20 wà níbẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ìdérí pẹlẹbẹ ni, ó máa dùbúlẹ̀ lórí pẹpẹ, okùn ike á sì máa tọ gígùn apá láti ìdí dé orí. Àyè àti ìlà, ẹ ti rí méjèèjì.

---

Alágbẹ̀dẹ Wúrà, Iléṣà

Èmi máa ń ṣe yẹtí tó ń fún mọ́ etí. Tí wáyà bá le jù, iná ni a ń fi hàn án kó rọ̀ kó tó kán. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn fi apá náà sínú omi gbígbóná díẹ̀. Èkejì: kọ̀rọ̀ ibi tí apá ti jáde lára ìdérí, kó má mú bí igun àpótí. A máa ń fi fáìlì yí i róbótó. Bí ó bá mú, ibẹ̀ ni ìlà á ti bẹ̀rẹ̀.

---

Lágere

Bàbá, ti kọ̀rọ̀ yẹn, ẹnu yín gún gẹ́ẹ́. Ìṣirò tí mo kọ sókè kò mọ̀ bóyá kọ̀rọ̀ mú, tó bá sì mú, ìnà ibẹ̀ máa ń pọ̀ ju ohun tí ìṣirò sọ lọ. Ìdajì ìnípọn apá ni mo máa ń fi yí i. Fún 1.8, ìyẹn 0.9, ẹ kúkú ṣe é ní 1. Inú àwòrán lórí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ti yí i o, kí ẹ má ṣe fi fáìlì há a lẹ́yìn tó bá jáde, torí ṣe ni ẹ máa gé okùn ike tó yẹ kó gba ìdí kọjá.

Ti omi gbígbóná ni mi ò gbà. Wúrà á rọ̀ tí iná bá ti bà á, ó sì máa dúró ní ipò tí a bá fi sí. PLA á rọ̀ nígbà tó bá gbóná tó nǹkan bí 60°C, á sì ká, tó bá tutù á tún le padà. Kò fi kún bó ṣe ń tẹ̀. Tí wọ́n bá fi pamọ́ sínú ooru pẹ́ títí, ó lè túbọ̀ fara da ooru, ṣùgbọ́n á sún kì, ìkọ́ ò sì ní bá ihò rẹ̀ mu mọ́.

---

Alágbẹ̀dẹ Wúrà, Iléṣà

Mo gbọ́. Èyí tí mo mọ̀ ni mo sọ.

---

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀rọ, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀gbọ́n Lágere, mo fẹ́ fi kún ti Ìyá Oníbáàgì. Tí apá bá nípọn ní 1.8 ní ìdí, tó ń tín-ín-rín títí dé 0.9 ní orí, ìtẹ̀ rẹ̀ á pín káàkiri gbogbo gígùn, kò ní jẹ́ ìdí nìkan. Mo ṣe é lórí ìwé: ìdá 1 yẹn já sí nǹkan bíi 0.6. Agbára tí ìka máa lò náà á dín kù. Nọ́mbà méjèèjì yẹn sì bá okùn ike tó fẹ̀ ní 0.45 mu: okùn mẹ́rin ní ìdí, méjì ní orí. Kò ní sí ihò tóóró láàárín apá.

Ṣùgbọ́n pẹ̀lú 0.6, kí ni PETG fẹ́ ṣe tí PLA ò lè ṣe? PLA rọrùn láti pírńtì, kì í ta okùn. PETG tó bá fa omi sára lásìkò òjò, ẹ máa gbọ́ tó ń ta pàrà-pàrà lẹ́nu ẹ̀rọ. Mo ti ṣí apá PLA kan, mo tì í, títí mo fi ka 500. Kò kán.

---

Lágere

O ka 500 láàárín ìrọ̀lẹ́ kan, nínú yàrá, àbí? Mi ò jiyàn pé á kán. Ẹ̀rù tí PLA ń bà mí ni ìjókòó. Tí ìkọ́ bá ti wọ ihò tán, tí apá ṣì tẹ̀ díẹ̀ nítorí pé ihò há, PLA á gba títẹ̀ yẹn mọ́ra láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò ní padà mọ́. Kílíìpù ò kán, ṣùgbọ́n ó ti dẹ̀, ìdérí ń já bọ́. Ẹ wá gbé e sínú mọ́tò tí wọ́n páàkì sínú oòrùn.

Ohunkóhun tó wù kí ẹ lò, ẹ jẹ́ kí ihò fẹ̀ ju ìkọ́ lọ ní 0.3 níbi gbogbo, kí apá lè nà tán pátápátá nígbà tó bá ti wọlé. Ìró "kọ́" yẹn la fi ń mọ̀. Tí ẹ bá gbọ́ ọ, tí ẹ fi ìka kan ìkọ́ tó sì ń mì díẹ̀, ó ti nà tán. Tí kò bá mì rárá, ó ṣì tẹ̀.

Ti omi, òótọ́ lo sọ. Èmi máa ń gbẹ PETG ní 65°C fún wákàtí mẹ́fà kí n tó lò ó láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹwàá.

---

Mayfair

Ẹ má bínú, ìbéèrè mi ṣì ń dà mí láàmú. Tí ẹ bá jẹ́ kó tín-ín-rín báyìí, ṣé ó máa di ìdérí mú? Tí àpótí bá já bọ́ ńkọ́?

---

Lágere

Ìbéèrè tó yẹ ni. Kí ẹ tó jẹ́ kó tín-ín-rín lọ sórí, apá 1.8 yẹn, tó bá ga ní 4 láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tó jẹ́ PETG, ó gbà kí ìka fi nǹkan bíi gíráàmù 220 tì í kó tó yẹ̀ ní 1.5. Ìyẹn dín díẹ̀ sí ìdajì omi inú ọ̀rá kan. Ẹ lè wò ó: ẹ de apá kan mọ́ etí tábìlì kó na síta, kó tẹ̀ sísàlẹ̀ bó ṣe máa tẹ̀ nínú àpótí, kí ẹ fi okùn so ọ̀rá omi tí ẹ ti mu ju ìdajì rẹ̀ lọ mọ́ orí rẹ̀, kí ẹ sì fi kálípà wọn ibi tó sọ̀ dé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe agbára yẹn ló ń di ìdérí mú. Ojú ẹ̀yìn ìkọ́ ni. Tí ojú ẹ̀yìn yẹn bá dúró gangan, kò sí bí ìdérí ṣe máa fà yọ àfi kí ìka tẹ ìkọ́ wọlé láti ìta. Tí ẹ bá dẹ̀ ẹ́ sí nǹkan bíi 45°, ó máa yọ tí èèyàn bá fà á, ṣùgbọ́n ìkọ́ àti ihò á máa yún ara wọn díẹ̀díẹ̀. Fún bátìrì, mo fẹ́ èyí tó dúró gangan. Ojú iwájú tó ń yọ̀ wọlé, 30° tó.

---

Ọmọ Obòkun, Iléṣà

Ọjọ́ kọkànlá rèé tí mo ti ṣe tuntun. PETG, apá 20, 1.8 sí 0.9, kọ̀rọ̀ róbótó, ìdérí ń yọ̀ wọlé. Mo ṣe mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta àkàrà gba méjì, mo ní kó máa fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ògiri gbogbo ìgbà tó bá ṣí i. Marùn-ún ò ní nǹkan kan. Ẹ̀kẹfà ò kán, ṣùgbọ́n ìdí apá òsì rẹ̀ ti funfun, apá náà ò sì nà tán mọ́. Tirẹ̀ ni. Sàmì rẹ̀ ò tíì ju mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ.

---

Lágere

Ní ìnà 0.6, kò yẹ kó funfun. Nǹkan kan ló ń tẹ̀ ẹ́ ju 1.5 lọ. Ẹ wo bó ṣe ń ṣí i.

---

Ọmọ Obòkun, Iléṣà

Mo lọ wò ó lánàá. Òróró wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìka ń yọ̀, nítorí náà ó ń fi orí ṣíbí ti ìkọ́ wọlé. Ṣíbí náà ń wọlé dé bátìrì! Mo wọ̀n ọ́n, ó ju 6 lọ.

---

Lágere

6 ní apá yẹn, ìdá 2.5 nìyẹn, ó ti kọjá ohun tí mo fẹ́ kí PETG máa gbà lójoojúmọ́. Ẹ má bá wọn jà, àpótí ló yẹ kó kọ̀ fún ṣíbí. Ẹ gbé ìdènà kékeré sẹ́yìn apá, lára ìdérí, kí àyè tó wà láàárín wọn jẹ́ 2 péré. Apá á yẹ̀ ní 1.5 kó lè yọ, á rìn díẹ̀ sí i, á sì fara ti ìdènà. Bọ́kù báàgì tiẹ̀ ní irú rẹ̀ láàárín, Ìyá Oníbáàgì á ti rí i. Ẹ fẹ ihò tí ìka ń wọ̀ lára ògiri sí i pẹ̀lú, kí ìka olóròóró lè rí ibi tẹ̀ láìlo ṣíbí.

---

Ìyá Oníbáàgì, Sábó

Ó wà níbẹ̀. Mo rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Bọ́kù tèmi ńkọ́ o?

---

Lágere

Ìyá, ẹ mú ọ̀kan tó ṣì dáa wá sí Lágere kí n wọ̀n ọ́n. Apá bọ́kù fúnra rẹ̀ á ṣe é ṣe. Ibi tí okùn báàgì ń gbà kọjá ni mo ń rò, torí ẹrù ìwé gidi ló ń fa ibẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì yẹ kó nípọn bí Mayfair ṣe sọ.

---

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀rọ, Ilé-Ifẹ̀

Mo ti gbé apá PLA kan sínú àpótí tó há díẹ̀, mo fi sórí wíńdò. Mo máa wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí n tó gbà pé PLA ò dáa.

---

Ọmọ Obòkun, Iléṣà

Ìdènà ti wà nínú àwòrán. Àyè 2 ni mo fi sí i. Mẹ́fà mìíràn ń jáde lọ́wọ́ báyìí, mo sì fi ṣíbí kan náà sílẹ̀ lórí tábìlì, òun ni mo máa kọ́kọ́ fi dán wọn wò.